Aago ìpẹ̀jọ́ tó yẹ̀ mí lẹ́sẹ̀

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìdánwò lọ́yà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n ní ká mú ọ̀kan nínú A sí D, tó bá ti jẹ mọ́ agbára kọ́ọ̀tù àti gbèdéke ọjọ́ ìpẹ̀jọ́, mo máa ń kùnà ni. Kí ni mò ń ṣì ṣe?"

Àbúrò, ìbéèrè tó gbé mi ṣubú nìyí. Ẹnìkan yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mílíọ̀nù 4 náírà l'Ékòó, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2016. Àdéhùn ni pé kó dá a padà ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2017. Kò san án. Ní 2021, ó wá bẹ̀bẹ̀, wọ́n jọ ń sọ ọ́ lọ sọ ọ́ bọ̀. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 2023 ni olówó tó pẹjọ́. Olùjẹ́jọ́ kọ ọ́ sínú èsì rẹ̀ pé ọjọ́ ti lọ. Kí ni kọ́ọ̀tù máa ṣe?

Èmi mú "kó máa gbọ́ ẹjọ́ lọ", nítorí ẹ̀bẹ̀ tó wáyé. Àṣìṣe ni. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC (1994) pé ìdúnàádúrà kì í dá aago dúró. Ká ní onígbèsè kọ ọ́ sínú ìwé, tó sì fọwọ́ sí i pé òun jẹ owó náà, ìyẹn ni ìbá jẹ́ kí ọdún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọjọ́ tí wọ́n yá owó náà kọ́ la ń kà. Ẹjọ́ Egbe àti Adefarasin ló kọ́ wa pé ká wo ìwé ìpẹ̀jọ́: ọjọ́ wo ni àìṣedéédéé náà wáyé, ọjọ́ wo ni wọ́n pẹjọ́? Àdéhùn lásán ní ọdún 6 l'Ékòó. Láti ìgbà tí ó yẹ kó san án ní 2017 ni a ń kà á, ó sì parí ní oṣù Kẹta 2023. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré ni olówó fi pẹ́.

Nígbà náà ni mo tún rí i pé B ní "gbé e kúrò nínú ìwé", C ní "da ẹjọ́ nù". C ni. Ẹni tó bá gbé ẹjọ́ lọ sí kọ́ọ̀tù tí kò ní agbára lórí ọ̀ràn náà, wọ́n lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, kó tún un pè níbi tó yẹ. (Kọ́ọ̀tù Gíga Àpapọ̀ tiẹ̀ lè taari rẹ̀ sí ti ìpínlẹ̀.) Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kò ní ibi tó tún ń lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dà á nù.

Àwọn olùdánwò tún fẹ́ràn òṣìṣẹ́ ìjọba. Oṣù 3 ni òfin tó ń dáàbò bò wọ́n fún ẹni tó fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ ọba. Tó bá jẹ́ pé kóńtírákítọ̀ ló ń béèrè owó iṣẹ́ tó ṣe fún káńsù, má mú oṣù 3 yẹn o. Òfin náà kò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn.