Àwọsánmà tó ń lọ sí Iléṣà, òjò tó ń ti Iléṣà bọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ bá mi wo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ yìí. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti yà á lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí aago mẹ́rin ń lọ lù, mo sì kọjú sí ọ̀nà Iléṣà. Kòkó tí mo sá wà níta. Ọmọ mi ní kí n má wulẹ̀ kó o, pé àwọn àwọsánmà náà ń lọ ni, wọn kò bọ̀. Kò tó wákàtí kan tí òjò fi dé bá wa, tó sì ba kòkó jẹ́. Kí ni orúkọ wọn, èwo nínú wọn ló sì yẹ kí n máa wò?

Ìdáhùn: Ọmọ yín kò parọ́, mà. Àwọsánmà tó ń wò ń lọ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló gbé òjò dání. Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú fọ́tò yìí, afẹ́fẹ́ tó ń darí wọn kò sì dọ́gba.

Àwọn kéékèèké tó wà lókè òrùlé, tí wọ́n funfun bí òwú, tí ìsàlẹ̀ wọn sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ni à ń pè ní kúmúlọ́ọ̀sì. Ará Lọ́ńdọ̀nù kan tó ń po oògùn, Lúùkù Háwọ́ọ̀dù, ló mú orúkọ náà láti inú èdè Látìn ní ọdún 1802, òkìtì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ wọn tẹ́ nítorí pé bí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ṣe ń gòkè ló ń tutù, ibi tí ooru omi inú rẹ̀ ti di ẹ̀kán kéékèèké kì í sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì. Bí ìbú kúmúlọ́ọ̀sì bá ju gíga rẹ̀ lọ, bí ti inú fọ́tò yìí, kò ní òjò kankan nínú. Èyí tí gíga rẹ̀ bá ti ju ìbú rẹ̀ lọ kí ọ̀sán tó pọ́n, tí orí rẹ̀ ń ru bí ìfófò ẹmu, ni kí ẹ fura sí.

Ibi tí ọmọ yín ti ṣì í ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́. Ní àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ tó sún mọ́ ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń ti ọ̀nà òkun wá, láti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, ó sì ń gbé kúmúlọ́ọ̀sì kéékèèké lọ sí apá Iléṣà. Ṣùgbọ́n bí a bá gòkè díẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀ ló wà níbẹ̀, òun sì ni àwọn ìjì ńlá máa ń bá rìn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé òjò tó ń bá ẹ̀fúùfù líle rìn, pàápàá ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún àti ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, sábà máa ń kan Iléṣà kí ó tó kàn wá ní Ifẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin tí ẹ rí tó ń lọ yẹn, oúnjẹ ìjì náà ni.

Ìjì fúnra rẹ̀ ni òkè ńlá funfun tó wà lẹ́yìn gbogbo wọn nínú fọ́tò, kúmúlónímbọ́ọ̀sì lorúkọ rẹ̀. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Ní apá òsì, ó ṣì ń wú, etí rẹ̀ sì gé ketekete, nítorí ẹ̀kán omi ló wà níbẹ̀. Ní apá ọ̀tún, etí náà ti rí wúruwùru bí irun àgbàdo, ó sì tẹ́ lọ bí owú alágbẹ̀dẹ. Omi tó wà níbẹ̀ ti dì, àwọsánmà náà kò sì rí ibi gòkè sí mọ́, ló bá ń tàn sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá ti rí etí wúruwùru yìí, kò sí àríyànjiyàn mọ́ pé òjò àti àrá wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ lè wọn bó ṣe jìnnà tó. Orí rẹ̀ bá orí òpó iná tó wà nínú fọ́tò dọ́gba. Ẹ padà sí ibi tí ẹ dúró sí, ẹ na apá yín tán, kí ẹ di ìkúùkù, kí ẹ sì ka iye ìkúùkù tó wà láti ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run dé orí òpó náà. Ìkúùkù kan jẹ́ bíi dígírì 10. Bí ó bá jẹ́ méjì, tí a sì gbà pé orí àwọsánmà náà wà ní kílómítà 12 sókè, a jẹ́ pé ó jìnnà tó kílómítà 33, tí í ṣe nǹkan bí ibi tí Iléṣà wà. Ìjì tó ń sáré kílómítà 50 ní wákàtí kan yóò dé láàárín ìṣẹ́jú 40. Bí orí rẹ̀ bá ga tó kílómítà 15, yóò tó ìṣẹ́jú 50, èyí tó bá ohun tí ẹ sọ mu. Bí ó bá ti di ìkúùkù mẹ́ta, bí ìṣẹ́jú 25 sí 30 ló kù. Òkè tó dúró gangan ni kí ẹ wọ̀n o, ẹ má wọn etí wúruwùru náà, torí ó lè ti tàn síwájú kọjá òjò.

Ìlà dúdú tóóró tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí ẹ lè rò pé èéfín ni, ni ẹ̀kẹta. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń bá òjò já bọ́ ń tàn jáde síwájú ìjì, ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná sókè, ìyẹn ló ń di ìlà àwọsánmà yìí. Bí ìlà náà bá ti wá sórí yín, ẹ̀fúùfù á yí padà lójijì sí ti ìlà oòrùn, ara á tutù, òjò kò sì ní pẹ́ dé. Ẹni tó bá dúró dè é kí ó tó kó kòkó ti pẹ́ jù.

Ẹ má fi dúdú nìkan ṣe àmì. Ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn wà lẹ́yìn yín bí ẹ bá kọjú sí Iléṣà, nítorí náà ìjì tó léwu jù lè funfun báláú, nígbà tí kúmúlọ́ọ̀sì lásán tó bo oòrùn á dúdú. Kámẹ́rà fóònù náà máa ń fi tirẹ̀ kún un. Àìgbọ́ àrá kò sì túmọ̀ sí pé kò sí ìjì, torí pé bí àrá bá ju bíi kílómítà 20 lọ, a kì í sábà gbọ́ ọ. Fọ́tò méjì ló dára, kí ìṣẹ́jú 10 wà láàárín wọn, láti ojú kan náà, kí òpó iná náà sì hàn nínú méjèèjì. Bí orí àwọsánmà bá ti ga ju orí òpó lọ nínú èkejì, ẹ kó kòkó.

Lẹ́yìn tí ẹ̀fúùfù àti òjò ńlá bá kọjá, àwọsánmà eléérú kan tí kò ní ìrísí kan pàtó lè bo gbogbo ojú ọ̀run, kí ó máa rọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún wákàtí kan tàbí méjì. Ọ̀nà Iléṣà kan náà ni kí ẹ tún máa wò nígbà náà, torí pé ibẹ̀ ni ojú ọ̀run yóò ti kọ́kọ́ mọ́.