Bándíwíìdì tó fẹ̀ ju ìṣirò lọ

"Ẹ̀yin ọ̀gá, mo so kọ́ìlì 100 µH, kapásítọ̀ 1 nF àti résísítọ̀ 10 kΩ ní páráléèlì. Ìṣirò mi fún mi ní 503 kHz, Q 31.6 àti bándíwíìdì 16 kHz. Mo gba inú résísítọ̀ 10 kΩ mìíràn fi jẹnẹrétọ̀ bọ́ ọ, mo sì fi próòbù ×1 wò ó. 480 kHz ló ti ga jù, bándíwíìdì sì jẹ́ 37 kHz. Ṣé kọ́ìlì mi ló bàjẹ́ ni?"

Kọ́ìlì yín ò bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lèmi tú tèmi tí mo tún un wé, kí n tó mọ̀ pé irinṣẹ́ tí mo fi ń wò ó ló ń dà mí láàmú.

Ẹ kọ́kọ́ wo 480 yẹn. Próòbù ×1 àti wáyà rẹ̀ máa ń gbé nǹkan bí 100 pF wá. Ó di 1.1 nF nìyẹn, 503 sì bọ́ sí 480.

Ti bándíwíìdì ló gba sùúrù. Nínú páráléèlì, Q = R√(C/L): bí R bá ṣe tóbi tó ni Q ń ga tó, òdì kejì síríìsì gan-an. Ṣùgbọ́n R yìí kì í ṣe èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín so nìkan. Résísítọ̀ tí jẹnẹrétọ̀ gbà wọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, nítorí náà 10 kΩ ti di 5 kΩ. Wáyà kọ́ìlì sì ní résísítáǹsì tirẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 5 Ω ní fíríkúẹ́ńsì yẹn (ẹ má fi mítà wọ̀n ọ́n o, iye tó máa sọ yóò kéré jù), ẹ fi (ωL)²/r yí i padà sí páráléèlì, ó di nǹkan bí 18 kΩ. Gbogbo rẹ̀ pọ̀ wá jẹ́ bíi 3.9 kΩ. Ẹ wá fi 1.1 nF sínú èyí:

```
B = 1/(2πRC) ≈ 37 kHz
```

Iye tí ẹ rí gan-an nìyẹn.

Ẹ yí próòbù sí ×10, tí í sábà gbé bíi 12 pF péré, kí ẹ sì fi 100 kΩ rọ́pò 10 kΩ tí ẹ fi ń bọ́ ọ. Sígínààlì máa kéré gan-an, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sókè. Ẹ ó rí 500 kHz àti bándíwíìdì bíi 25. Kò ní dé 16 láéláé, torí pé wáyà kọ́ìlì ò lọ síbì kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ 10 kΩ inú sákíìtì fúnra rẹ̀ kúrò, kí ẹ tún un wọ̀n níbi tí fólítéèjì ti wálẹ̀ sí 0.707 ní ọ̀tún àti òsì góńgó rẹ̀. Tí 5 Ω yẹn bá jóòótọ́, ó yẹ kó wà ní ìwọ̀n 9.5 kHz. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó bá kọ́ìlì jà.