Sonic tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lójú rẹ̀

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ògiri jẹ́lé-ó-sinmi kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ níbí ní Ondo, wọ́n ní kí n ya Sonic, ẹranko búlúù inú gémù yẹn, sí i. Àwòrán tí mo rí lórí fóònù lé ní ogún, ọ̀kan ò jọ èkejì. Báwo ni mo ṣe máa mọ ojúlówó yàtọ̀ sí èyí tí àwọn èèyàn kàn tún yà?"

Ojú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú yẹn ló kó mi sí wàhálà.

Bánà ọjọ́ ìbí ni mo máa ń tẹ̀ ní Akure, lápá Ọjà Ọba. Ìyá kan gbé iṣẹ́ wá fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ pé ọdún márùn-ún, ó ní Sonic ni ọmọ náà fẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú, mo mú àwòrán tó mọ́ jù lára àwọn tí mo rí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ọmọ, mo tẹ̀ ẹ́. Kékeré ni lójú fóònù, mo rò pé òjìji ló ṣú bo ojú rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ keji, ìyá ọmọ tẹ́ bánà sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, kí ló ń ṣàn lójú eléyìí?" Ibi tó yẹ kó funfun nínú ojú dúdú bí èédú, ẹyinjú rẹ̀ pupa, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sonic.exe ni. Ìtàn ẹ̀rù tí olólùfẹ́ gémù Sonic kan kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní 2011 ló ti wá, kì í ṣe Sega, ilé iṣẹ́ tó ni Sonic. Owó ara mi ni mo fi tẹ òmíràn.

Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ara rẹ̀ yòókù ló pé: bàtà, ìbọ̀wọ́, ẹ̀gún ẹ̀yìn orí. Báyìí ni ti àwòrán ẹ̀fẹ̀ tàbí ti ẹ̀rù ṣe máa ń rí. Ẹni tó yà á fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà, tó sì máa ba ibì kan ṣoṣo jẹ́ pátápátá.

Sonic inú gémù 1991 kúrú, ikùn rẹ̀ rí roboto, ẹyinjú rẹ̀ dúdú. Láti 1998 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn, tí ẹyinjú rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé. Nínú méjèèjì, funfun ojú rẹ̀ so pọ̀ mọ́ra láàárín, kò sí búlúù tó là á. Apá rẹ̀ kì í ṣe búlúù, àwọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, ó dà bí ara búrẹ́dì. Bàtà rẹ̀ pupa, okùn funfun gba orí rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí mo mọ èyí tán, mo wá di ọlọ́gbọ́n àṣejù. Oníbàárà kan mú Sonic aláwọ̀ búlúù lápá wá, mo ní ayédèrú ni. Ó ní inú fíìmù lòun ti rí i, òótọ́ ló sì sọ. Ti fíìmù, apá rẹ̀ búlúù, ojú rẹ̀ sì là sọ́tọ̀. Sonic Boom tí Sega fúnra wọn gbé jáde ní 2014 náà ní apá búlúù, ó tún so ìborùn mọ́ ọrùn. Kódà èyí tí gbogbo ayé fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní 2019, tó ní eyín bíi tèèyàn, àwọn tó ń ṣe fíìmù náà ló gbé e jáde. Ariwo pọ̀, wọ́n tún un yà, wọ́n sún fíìmù sí 2020. Nítorí náà, tó bá burẹ́wà, ìyẹn ò sọ pé ti olólùfẹ́ ni.

Ohun tó máa ń tú ti olólùfẹ́ fó ni àdàlù. Ẹ máa rí ẹsẹ̀ gígùn ti 1998 lábẹ́ ẹyinjú dúdú ti 1991, tàbí ìborùn Boom lọ́rùn ẹni tí apá rẹ̀ dà bí búrẹ́dì. Ojúlówó, irú èyí tó wù kó jẹ́, máa ń bá ara rẹ̀ mu látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n olólùfẹ́ tó mọṣẹ́ lè ya ti 1998 láìṣì rárá, tí ojú ò ní lè dá a mọ̀. Irú ìyẹn, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí Sega fúnra wọn gbé sójú páálí gémù, kí ẹ sì wo ẹ̀bá àwòrán bóyá ẹni tó yà á fọwọ́ sí i.

Fún ògiri yín, ti 1991 ni màá mú. Ó kúrú, ó ṣe roboto, ó rọrùn láti fà tóbi. Kí ẹ tó po ọ̀dà, ẹ fa àwòrán náà lórí fóònù títí ojú rẹ̀ nìkan á fi kún gíláàsì, kí ẹ sì fi han alága ilé ìwé bẹ́ẹ̀.