«Comment allez-vous?» àbí «Comment vas-tu?»

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́. Mo fẹ́ fi Faransé kọ lẹ́tà sí oníbàárà mi tuntun kan ní Kùtọnu. Obìnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, èmi sì ti lé ní àádọ́ta. Ṣé kí n fi «Comment vas-tu?», ìyẹn 'Báwo lo ṣe wà?', kí i?"

Ẹ má kọ ọ́ o. Mo ta aṣọ ní ọjà Dántókpá ní Kùtọnu fún ọdún mẹ́fà. Ohun tó kọ́kọ́ kó bá mi ni pé mo rò pé «tu» ni "o" tiwa, «vous» sì ni "ẹ", ó parí.

Mo lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì kan. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì tó ọmọ tí mo lè bí. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní «Comment vas-tu?» Ojú rẹ̀ le. Ó ní «Bonjour, monsieur. Vous désirez?», ìyẹn "Kí lẹ ń fẹ́?" Mo kọ́kọ́ rò pé àgbà ló ń bọ̀wọ̀ fún. Àṣé ó ń sọ fún mi pé a ò mọra ni.

Nílé tí mo háyà yàrá sí ńkọ́? Ọmọ onílé á ti ilé ìwé dé, á ní fún bàbá rẹ̀ pé «Papa, tu vas bien?» Mo ń sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́, bàbá sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló tó yé mi. Yorùbá ń wò ó pé ta ló dàgbà. Faransé ń wò ó pé ṣé a ti mọwọ́ ara wa.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ báyìí: «Bonjour Madame, j'espère que vous allez bien.» Ìyẹn ni "Ẹ ǹlẹ́ o, mo lérò pé dáadáa lẹ wà." Bí ẹ bá wá fẹ́ tọrọ nǹkan nísàlẹ̀, «s'il vous plaît» ni o, kì í ṣe «s'il te plaît». Èmi ti da méjèèjì pọ̀ nínú lẹ́tà kan rí, nítorí ibi méjì ni mo ti ṣà wọ́n. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ní "ẹ káàárọ̀ sà", tó tún ní "gbé e wá fún mi."

Bí ẹ bá fóònù, «Comment allez-vous?» ni. Ẹ fa "t" ìparí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wọnú èkejì: kọmọ-tale-vu. Nínú «Comment vas-tu?», "t" kan náà kì í dún rárá: kọmọ-va-tu.

Ó lè dọjọ́ kan kí ó ní «On peut se tutoyer», pé ẹ lè máa pe ara yín ní «tu». Ẹ yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí mo ń pè ní «vous» lọ lẹ́yìn tó ti sọ bẹ́ẹ̀, títí ó fi bi mí pé kí lòun ṣe fún mi.

«Ça va?», ìyẹn "Ṣé dáadáa ni?", kò ní «tu», kò ní «vous», ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà ni. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà.