Ìbéèrè tó le kọ́ ni ìbéèrè òye

Ìbéèrè: Alfa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti há ìtàn àwọn Ànábì sórí, àmọ́ wọn ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí ìbéèrè mú-kan-nínú-mẹ́rin mi le dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ kó le o, líle kọ́ ló kù níbẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ìwé ìdánwò tó ń béèrè orúkọ ìyá Ànábì Músá, orúkọ tí Kùránì gan-an kò dá. Ànábì Núhù lo ẹgbẹ̀rún ọdún ó dín àádọ́ta láàrin ìjọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí ọmọ yan nínú 940, 950, 960 àti 970, àhásórí náà lẹ kàn mú nira sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ní "nítorí kí ni" ni kí ẹ ti mú ìbéèrè. Ẹ wo Súrà Yúsúfù:

Ẹ̀wù Ànábì Yúsúfù ya láti ẹ̀yìn. Báwo lèyí ṣe fi hàn pé kò jẹ̀bi?
(a) Ẹ̀jẹ̀ irọ́ wà lára rẹ̀.
(b) Ó ń sá lọ nígbà tí wọ́n fà á.
(d) Ẹlẹ́rìí rí i bó ṣe ń ya.
(e) Bàbá rẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀.

(b) ni ìdáhùn. Àwọn mẹ́ta yòókù kì í ṣe àfikún lásán. Ọmọ tó mú (a) ti kó o pọ̀ mọ́ ẹ̀wù tí àwọn ẹ̀gbọ́n gbé wá fún bàbá wọn. Ẹni tó mú (e) ti lọ sí ẹ̀wù ìparí ìtàn. Ẹni tó mú (d) gbọ́ "ẹlẹ́rìí", kò sì fetí sí ohun tí ẹlẹ́rìí náà sọ: "bí ẹ̀wù rẹ̀ bá ya láti iwájú… bó bá ya láti ẹ̀yìn…" Ẹni tó fojú rí i kò ní máa sọ pé "bí". Àṣìṣe tí ọmọ mú ló ń sọ ibi tí ẹ ó ti tún un kọ́. Ẹ má béèrè ẹni tí ẹlẹ́rìí náà jẹ́ ṣá o, ohùn àwọn onítúmọ̀ kò ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣàlàyé ẹ̀wù yìí ní kíláàsì, àhásórí ni ìbéèrè náà ti dà. Ẹ wá béèrè ohun tó ya ẹ̀rí ẹ̀wù yìí sọ́tọ̀ sí ti ẹ̀wù ẹlẹ́jẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rí tiwọn. Yíya ẹ̀wù yìí, ẹnikẹ́ni ò pète rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó tẹ ìbéèrè yín jáde, ẹ fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà rárá dáhùn. Bó bá ń mú èyí tó tọ̀nà lemọ́lemọ́, ìdáhùn ti tú fúnra rẹ̀, bóyá torí pé òun ló gùn jù. Lẹ́yìn ìdánwò, èyí tí ẹnikẹ́ni ò mú nínú mẹ́rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.