Fáìlì mẹ́ta nínú PDF kan: ká so wọ́n pọ̀ ni, àbí ká kó wọn sínú rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Agbaṣẹ́ṣe ni mí ní Kubwa, mo sì ń du iṣẹ́ ilé kíkọ́ kan ní Garki. Lẹ́tà wa jẹ́ PDF, ìdíyelé wà nínú Excel, ìwé ìdúró báńkì sì jẹ́ PDF tí báńkì buwọ́ lù láti orí kọ̀ǹpútà. Fáìlì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà. Ṣé kí n so gbogbo rẹ̀ pọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má so wọ́n pọ̀, nítorí ìwé báńkì yẹn. Ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà máa ń dè mọ́ fáìlì gan-an bí ó ṣe wà, nítorí náà bí ẹ bá kó ojú ewé rẹ̀ sínú ìwé mìíràn, àwòrán ìbuwọ́lùwé náà lè ṣì hàn, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á kò ní rí ohun tí yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Excel: bí ó bá di ojú ewé, iye nìkan ló kù, ìṣirò bíi `=D12*E12` tó bí i ti lọ.

Ẹ fi méjèèjì ṣe àsomọ́ sínú lẹ́tà, kí wọ́n wọlé lódindi. Nínú Acrobat, ẹ ṣí apá `Attachments`, kí ẹ fi wọ́n kún un. Ẹni tó ní qpdf, ètò tí a ń fi àṣẹ kíkọ darí PDF, lè kọ:

```
qpdf leta.pdf --add-attachment idiyele.xlsx -- --add-attachment banki.pdf -- idu.pdf
qpdf --list-attachments idu.pdf
```

Àṣẹ kejì yóò fi orúkọ àwọn àsomọ́ hàn yín. Bí ẹ ó bá buwọ́ lu lẹ́tà fúnra rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ fi àsomọ́ sí i, kí ìbuwọ́lùwé gbẹ̀yìn, nítorí àfikún tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ lè bà á jẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ni póòtìfólíò, PDF tó dà bí àpò fáìlì. Kò yàtọ̀ sí èyí nínú ikùn: àsomọ́ náà ni, àmọ́ orúkọ àwọn fáìlì ló máa kọ́kọ́ hàn dípò ojú ewé. Ó dára ju àsopọ̀ lọ nígbà tí kò sí ìwé tó ṣe olórí, tí oríṣi fáìlì pọ̀, tí ẹni tó ń gbà á sì ń lo Acrobat. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù àti bùráúsà, ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ kan péré ni yóò rí, tó ń sọ pé kí ó lọ fi Acrobat ṣí i. Nítorí pé lẹ́tà ni olórí tiyín, èmi kò ní lo póòtìfólíò.

Ẹ to orúkọ àwọn àsomọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, wọn kì í sì í jáde bí a bá tẹ lẹ́tà sórí bébà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí owó orí, tí ìgbìmọ̀ fẹ́ tẹ̀ jáde kà, fi yẹ kí ẹ so pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà ní tiwọn.

Ẹ tún wo bí wọ́n bá béèrè fún PDF/A, irú PDF tí a ṣe fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́: PDF/A-1 kò gba àsomọ́ rárá, PDF/A-2 gba kìkì èyí tó jẹ́ PDF/A, PDF/A-3 ló gba Excel.