"Mà, kò bálánsì": ìbéèrè tí ọ̀gá lè bi ọmọ iṣẹ́ nínú ìjókòó ẹlẹ́ni méjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi ni olórí ẹ̀ka ìṣirò owó níléeṣẹ́ kan tó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Ìbàdàn, èèyàn mẹ́rin ló wà lábẹ́ mi. Ọ̀gá àgbà ní kí èmi àti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn máa jókòó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kí n máa fi ìbéèrè tọ́ wọn sọ́nà. Mo ń béèrè o, àmọ́ "Ó yé mi mà" ni wọ́n ń dá mi lóhùn. Tí ìparí oṣù bá dé, èmi náà ni mo tún ń bá wọn ṣe é. Ìbéèrè wo gan-an ni kí n máa bi wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ gbàgbé "Ṣé ó yé ẹ?" ná. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa nílẹ̀ wa kì í wojú ọ̀gá kó ní "Kò yé mi", torí lójú tiẹ̀, bí ìgbà tó sọ pé ọ̀gá ò mọ àlàyé ṣe ni. Kí ẹ tó béèrè rárá ni ìdáhùn ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" ò lè dáhùn rọ́pò rẹ̀: "Ká ní ẹni tuntun ló fẹ́ gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹ lọ́la, kí lo máa ní kó kọ́kọ́ ṣe? Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?" Ibi tó bá ti ń kólòlò nínú àlàyé yẹn ni ibi tí kò tíì yé e.

"Kí ló dé?" náà ń ṣàkóbá. Ó lè jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ ìdí lóòótọ́ nígbà tí ẹ ní "Kí ló dé tó o fi kọ ọ́ síbí?", àmọ́ ẹjọ́ ni ẹni tó wà níwájú yín ń gbọ́, ẹ̀bẹ̀ ló sì máa fi dáhùn: "Ẹ má bínú mà." Tó bá ti bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ẹ ò sì tíì mọ nǹkan kan. Ẹ yí i sí "Kí lo rí nínú ìwé tó mú ẹ kọ ọ́ síbí?" Ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ ń béèrè, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1970, ọkùnrin kan ń kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní tẹ́níìsì, Timothy Gallwey lorúkọ ẹ̀. Dípò kó máa pariwo "Wo bọ́ọ̀lù!" mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó ní kí wọ́n máa pe ọ̀rọ̀ kan jáde nígbà tí bọ́ọ̀lù bá kan ilẹ̀, kí wọ́n sì pe òmíràn nígbà tó bá kan rákẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìyẹn láìwo bọ́ọ̀lù. John Whitmore, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi mọ́tò sáré ìdíje rí, wà lára àwọn tó gbé ọgbọ́n náà wọ ọ́fíìsì, tí wọ́n sì tò ó sí ìpele mẹ́rin: ohun tí à ń wá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí, ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, àti èyí tí a máa ṣe. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ń sáré kọjá ìpele kejì torí wọ́n rò pé àwọn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ ti pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ yín ṣe é. Oṣù parí, ọmọbìnrin kan nínú àwọn mẹ́rin yẹn fi ìwé owó yín wé ìwé tí báńkì fi ránṣẹ́. Ó wọlé, ó ní, "Mà, kò bálánsì."

Ọwọ́ yín á ti máa yún yín láti gba ìwé náà. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ bi í pé: "Kí lo fẹ́ mọ̀ kó o tó dìde níbí?" Ó lè ní, "Kó ṣáà bálánsì mà." Ìyẹn kò tíì tó. Ẹ ní, "Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ tí mi ò sì sí ńkọ́?" Ó á ní òun fẹ́ mọ bí òun ṣe lè wá a fúnra òun. Ó ti fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tí ẹ jọ ń wá.

"Èló ni ìyàtọ̀ náà?" ₦27,000 ni, ti báńkì ló pọ̀ jù. "Kí lo ti wò?" Ó ti wo àwọn ṣẹ́ẹ̀kì tí ẹ kọ tí àwọn tó ni wọ́n ò tíì gbà lówó, ó sì ti wo owó tí báńkì ń yọ. "Kí lo rí níbẹ̀?" Kò sí nǹkan kan. "Èwo lo ò tíì fọwọ́ kàn?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní owó tí àwọn dírẹ́bà ń san sí báńkì láti ọjà. "Báwo lo ṣe fẹ́ wò ó?" Ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù títí dé òpin. "Ọ̀nà mìíràn wà?" Ó tún dákẹ́, ó ní òun lè kọ́kọ́ kó gbogbo owó tí dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan san jọ, kí òun fi wé ti báńkì, kí òun lè mọ dírẹ́bà tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́dọ̀ ẹ̀ kí òun tó máa wo ọjọ́.

Ẹ wò ó, ìdáhùn kejì yẹn dáa ju èkíní lọ. Ìdáhùn àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ èyí tí ọmọ iṣẹ́ rò pé ọ̀gá fẹ́ gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn "Ọ̀nà mìíràn wà?" ju gbogbo ìbéèrè yòókù lọ, tí mo sì máa ń ní kí àwọn ọ̀gá bi í lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ èrò tiwọn.

Àmọ́ ìbéèrè ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti rí nǹkan kan lára ₦27,000 yẹn: ó ṣeé pín sí mẹ́sàn-án láìṣẹ́kù. Tí ìyàtọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì gba ipò ara wọn. Níbí, ₦63,500 ni dírẹ́bà san, ₦36,500 lọmọ yìí kọ. Tí ìyàtọ̀ bá sì ṣeé pín sí méjì, ẹ tún lè wá ìdajì rẹ̀, ìyẹn ₦13,500, torí ó lè jẹ́ owó tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ òdì. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀rí pátápátá nínú méjèèjì, wọ́n kàn ń júwe ibi tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò ni.

Tí kò bá sẹ́ni tó kọ́ ọmọ yẹn ní èyí rí, kò sí ìbéèrè tó lè fà á jáde lẹ́nu ẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ pé "Ronú dáadáa, kí lo rí lára 27,000?", ìyà lẹ fi ń jẹ ẹ́, ó sì máa jáde lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú èrò pé òun ò lọ́pọlọ. Ẹ kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ò ní tán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá béèrè: "Nínú iṣẹ́ ẹ, ibo ni irú àṣìṣe yìí ti lè wọlé?" Ó lè sọ pé tí àwọn dírẹ́bà bá fi fóònù ya àwòrán tẹ́là ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, òun máa ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bí òun ṣe ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó ń kà á padà. Ìyẹn, ẹ̀yin gan-an ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fi ń mọ ìyàtọ̀ rèé: ohun tó jẹ́ ìmọ̀ iṣẹ́, ẹ sọ fún un, ohun tó jẹ́ bí òun ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹ bi í, torí òun ló mọ̀ ọ́n jù.

Irú ìbéèrè kan tún wà tó jẹ́ àṣẹ tó wọ aṣọ ìbéèrè: "Ṣé o ò rò pé ó yẹ kó o pe dírẹ́bà yẹn?" Ọmọ náà mọ̀ pé ẹ ti pàṣẹ. Tó bá pè é tí kò sì so èso, ẹ̀yin lẹ ní kó pè é. Tó bá jẹ́ pé ìpè lẹ fẹ́ kó pè, ẹ kúkú sọ ọ́ gbangba.

Ti ìdákẹ́jẹ́ ńkọ́? Tí ẹ bá ti béèrè, ẹ fọkàn ka ení, èjì dé èje kí ẹ tó tún lanu. Ó máa gùn lára yín. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́jẹ́ ni ìrònú. Nígbà mìíràn ọmọ náà ń dúró kí àgbà sọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti là á yé e pé ẹ ò dán an wò, pé tí ẹ bá dákẹ́, ẹ ń fún un láyè ni. Ẹ tún lè fi ìbéèrè méjì ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó má bàa jẹ́ ojú ẹsẹ̀ ni yóò ti máa ronú. Tó bá wá ní "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù mà", ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ ní: "Mo gbọ́. Ká ní wọ́n wá ní kó o yan ọ̀kan, èwo lo máa yàn?" Tó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn jù yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì pè é ní àǹtí tàbí bùrọ̀dá bí ẹ ṣe ń ṣe níta. Ìbéèrè dáadáa tí wọ́n fi "ìwọ" bi àgbàlagbà kì í rí ìdáhùn.

Kí ààbọ̀ wákàtí tó pé, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ fún ìpele kẹrin. "Kí lo máa ṣe? Ọjọ́ wo? Kí la máa fi mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́?" Ọmọ yìí lè ní bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, òun á máa ka owó dírẹ́bà padà lójoojúmọ́ ní agogo mẹ́rin. Ẹ ní: "Láti 1 dé 10, báwo ló ṣe dá ẹ lójú tó pé o máa ṣe é?" Tó bá ní 6, ẹ má bi í pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ 10, àròyé lẹ máa gbọ́. Ẹ ní, "Kí ló jẹ́ kó tó 6?" Ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ló máa sọ. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ lè wá béèrè ohun tó máa sọ ọ́ di 7. Bóyá ohun tó máa sọ ni pé tẹ́là àwọn tó lọ ọ̀nà jíjìn kì í dé kí agogo márùn-ún tó lù, kí ẹ jọ sún un sí àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé fúnra ẹ̀, kí ẹ sì fi ṣe ìbéèrè àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ bá tún jókòó: "Owó tó o ní wàá máa kà padà, kí lo ti rí níbẹ̀?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Tí ẹ kò bá béèrè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á mọ̀ pé eré lásán ni. Ẹ má sì fi ìjókòó náà sí ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù, nígbà tí gbogbo yín ń sáré. Tí báńkì tàbí ọ̀gá àgbà bá ń dúró de iṣẹ́ náà lọ́sàn-án yẹn, ẹ ṣe é, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò ní kí ẹ fi ìbéèrè báyìí wá ni owó tí ẹ fura pé ẹnì kan ti jí. Ìwádìí nìyẹn, ó ní ìlànà tiẹ̀ àti àwọn tó yẹ kó jókòó níbẹ̀. Tí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ ìjókòó yìí, kò sẹ́ni tó tún máa la ọkàn ẹ̀ fún yín mọ́.

Ẹ má fi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín tó nínú ìjókòó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá wọlé tó ní, "Mà, ìyàtọ̀ ₦4,500 wà, mo ti wo ti dírẹ́bà, ó jọ pé ọjọ́ kọkànlá ló ti wá, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wo tẹ́là kan", ẹ wo tẹ́là náà fún un, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ.